Aago Méjì Ààbọ̀ Òru Tí Kò Sí: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Aago Bá Fo Wákàtí Kan Tàbí Tí Ó Bá Tún Un Kà

Ní Níú Yọ́ọ̀kì, ní òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2026, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ aago méjì ààbọ̀. Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú kan, tí ìṣẹ́jú náà sì pé, aago mẹ́ta ni ó kàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, òdìkejì rẹ̀ ni: aago kan ààbọ̀ òru wáyé lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí kan gbáko sì wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì. Ẹni tí ó ń sùn kò ní mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ìpàdé tàbí iṣẹ́ kọ̀m̀pútà sí àkókò, máa ń ṣe àwọn àṣìṣe kan náà lọ́dọọdún, nítorí wọ́n gbà pé àkókò gan-an ni ó fò.

Àkókò kò fò rárá. Òǹkà kan wà tí gbogbo ayé jọ ń lò, tí kì í sáré tí kì í sì í padà sẹ́yìn, òun ni a ń rí lójú kọ̀m̀pútà gẹ́gẹ́ bí UTC. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi iye wákàtí kan kún un tàbí tí ó ń yọ iye kan kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó rí aago tirẹ̀. Ní ìgbà òtútù, Níú Yọ́ọ̀kì ń yọ wákàtí márùn-ún. Ní ìgbà ooru, tí wọ́n bá ti sún aago síwájú kí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lè pẹ́, wákàtí mẹ́rin ni ó ń yọ. Ohun tí ó yí padà lóru ọjọ́ yẹn kò ju iye tí a ń yọ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, nígbà tí UTC wà ní 06:59, a yọ márùn-ún, a rí 1:59. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, UTC di 07:00, mẹ́rin ni a wá ń yọ, a sì rí 3:00. Kò sí ìṣẹ́jú kankan lórí UTC tí a lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ kí ó fún wa ní 2:30 ní ọjọ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí UTC wà ní 05:59, a yọ mẹ́rin, a rí 1:59. Ó di 06:00, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ márùn-ún, ó sì padà di 1:00. Ẹni tí ó bá fi èyí sọ́kàn yóò rí i pé ibi kan náà ni gbogbo àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé e ti ń wá.

Má ṣe fi ohunkóhun sí inú wákàtí tí kò sí

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀m̀pútà, bí àdàkọ fáìlì tàbí ìṣirò òpin ọjọ́, ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi sí aago méjì tàbí méjì ààbọ̀ òru, nítorí kò sí ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ ní wákàtí yẹn. Ó jẹ́ ìrònú tí ó dára títí di òru kan ṣoṣo yẹn. Tí wákàtí náà kò bá sí, ohun tí kọ̀m̀pútà yóò ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀: òmíràn yóò sún iṣẹ́ náà sí aago mẹ́ta ààbọ̀, òmíràn yóò fà á padà sí aago kan ààbọ̀, òmíràn yóò sì fò ó pátápátá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ti ìkẹyìn yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí kò sí àmì àṣìṣe kankan tí yóò hàn. Ọjọ́ tí a bá wá fáìlì náà tì ni a máa ń mọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ tí ó wà ní aago kan ààbọ̀ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń yọ owó tàbí tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ di méjì.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo yẹra fún gbogbo àkókò tí ó wà láàárín aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àti aago mẹ́rin òru. Ó lè dà bíi pé mo ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n wákàtí tí ó ń sọnù kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín aago kan àti méjì ni. Ní Bẹ̀rílíìnì, láàárín méjì àti mẹ́ta ni. Ní Íjíbítì, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí aago ní ọdún 2023, ọ̀gànjọ́ òru gan-an ni aago ń fò, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan wà lọ́dún tí aago kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀m̀pútà tí ó gbà pé ọ̀gànjọ́ òru ni gbogbo ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Má ṣe fi aago yọ aago láti mọ bí ìrìn àjò ṣe gùn tó

Ẹ jẹ́ kí á wo bọ́ọ̀sì kan tí ó kúrò ní Níú Yọ́ọ̀kì ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án, tí ìlú tí ó ń lọ sì ń lo aago kan náà pẹ̀lú Níú Yọ́ọ̀kì. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kà á yóò sọ pé aago méje àárọ̀ ni yóò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, mẹ́rin ni à ń yọ, nítorí náà UTC wà ní 02:00 ọjọ́ kejì. A fi mẹ́sàn-án kún un, ó di 11:00. Ní àkókò tí ó dé, márùn-ún ni à ń yọ, aago mẹ́fà àárọ̀ sì ni. Ẹni tí ó fẹ́ wá pàdé èrò náà ní aago méje yóò bá a tí ó ti dúró fún wákàtí kan nínú òtútù. Ìrìn kan náà ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ń parí ní aago mẹ́jọ.

Àwọn ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré lóru ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ kí á rí èyí kedere. Ní oṣù Kọkànlá, tí aago bá ti padà sẹ́yìn, ọkọ̀ tí kò pẹ́ lójú ọ̀nà yóò dúró sí ibùdókọ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ó má baà fi ibùdókọ̀ tí ó kàn sílẹ̀ ṣáájú àkókò tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ní oṣù Kẹta, ọkọ̀ kan náà yóò di ẹni tí ó pẹ́ ní wákàtí kan lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe ju pé kí ó gbìyànjú láti dín in kù lójú ọ̀nà.

Àṣìṣe kan wà tí ó jẹ́ ìbátan èyí: àwọn arìnrìn-àjò kan máa ń fi wákàtí kan kún àkókò tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wọn tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkókò tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ náà gan-an, ìyípadà náà sì ti wà nínú rẹ̀. Aago tí ó yẹ kí ẹ fura sí ni èyí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yàrá, tí kò sí ẹni tí ó yí i. Fóònù tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yí tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Má ṣe kọ "aago kan ààbọ̀" lásán

Ní òru oṣù Kọkànlá yẹn, ẹni tí ó bá kọ 1:30 sínú ìwé iṣẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí méjì ni wọ́n. Mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ níbi tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1:10 wà lábẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1:50, tí ẹnì kan sì tún un tò nítorí ó rò pé ó ń ṣe àtúnṣe. Ó da gbogbo rẹ̀ rú. Iye tí a yọ kúrò nínú UTC ni kí a kọ tẹ̀ lé aago, báyìí:

```
2026-11-01T01:30-04:00
2026-11-01T01:30-05:00
```

Ti òkè ni ó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní ní iyèméjì.

Má ṣe rò pé gbogbo ayé ń yí aago ní ọjọ́ kan náà

Èyí ni ó ń kó àwọn tí ń ṣètò ìpàdé sí wàhálà jù. Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, Yúróòpù sì ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù náà. Ní ọdún 2026, láti ọjọ́ 8 títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, wákàtí mẹ́rin ni ó wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Níú Yọ́ọ̀kì dípò márùn-ún. Ó tún ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá àti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá.

Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan wà níkàáwọ́ mi, aago mẹ́ta ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Níú Yọ́ọ̀kì. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá nígbà tí mo kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà gẹ́gẹ́ bí 15:00 UTC. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, ó di aago mọ́kànlá fún àwọn ará Níú Yọ́ọ̀kì, méjì nínú wọn kò sì wá nítorí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí oṣù náà parí, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Ìpàdé tí mo fẹ́ kí ó dúró lójú kan ni mo fi ọwọ́ ara mi lé kúrò lójú gbogbo ènìyàn.

Láti ìgbà náà, UTC ni mo fi ń kọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bọ̀ ni mo ń fi aago ìlú kan kọ, pẹ̀lú orúkọ àgbègbè aago rẹ̀ bí kọ̀m̀pútà ṣe mọ̀ ọ́n, bíi `Europe/London` tàbí `America/New_York`. Ìjọba lè yí òfin padà láàárín ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti ọjọ́ tí yóò ṣẹlẹ̀: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Mẹ́síkò fi òfin pa yíyí aago tì ní ibi tí ó pọ̀ jù nínú orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí wọ́n sì ti ṣírò ìpàdé ọdún tí ó tẹ̀ lé e sí UTC ní láti tún un ṣe.

Ẹ má sì ṣe kọ `EST` fún ìpàdé oṣù Keje. Aago ìgbà òtútù Níú Yọ́ọ̀kì, tí a ń yọ wákàtí márùn-ún, ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún, nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́rin ni Níú Yọ́ọ̀kì ń yọ ní oṣù Keje, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ó ti rí yóò pẹ́ ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe fi ìlú kan ṣe àwòrán ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀. Fíníìsì ní Arisónà kì í yí aago rárá, ṣùgbọ́n àwọn ará Náfáhò, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí apá kan ilẹ̀ wọn wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà, ń yí tiwọn. Ẹni tí ó bá wakọ̀ láti Fíníìsì wọ ilẹ̀ wọn ní ìgbà ooru ní láti fi wákàtí kan kún aago rẹ̀ láìtíì kúrò ní Arisónà.