Máàkì Kò Bára Mu: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Lójoojúmọ́ Lórí Ìlànà Ìmáàkì

"Mo kọ iye máàkì sí iwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ẹnì kan fún ọmọ ní 9, ẹlòmíràn fún un ní 5."

Iye máàkì kọ́ ni ìlànà. Kọ ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí nínú ìwé kí máàkì kọ̀ọ̀kan tó jáde.

"Rúbíríìkì wa ní 'dára gan-an', 'dára' àti 'dára díẹ̀'. Kí ló tún kù?"

Gbogbo rẹ̀ ló kù. "Dára" lójú tèmi lè jẹ́ "dára díẹ̀" lójú tìrẹ. Tó bá jẹ́ àròkọ alárìíyànjiyàn, kọ ọ́ báyìí: ìpele òkè, ó sọ ìhà tó wà, ó fi ẹ̀rí méjì gbè é, ó sì dá alátakò lóhùn, ìpele àárín, ó sọ ìhà tó wà, àmọ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo ló mú wá, ìpele ìsàlẹ̀, ó kàn ń ròyìn, a ò mọ ìhà tó wà. Ohun tí èèyàn méjì lè fi ìka tọ́ka sí lórí ìwé nìyẹn.

"Èmi nìkan ni mò ń máàkì, síbẹ̀ máàkì àárọ̀ mi yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́."

Máàkì ìbéèrè kìíní nínú gbogbo ìwé tán, da ìwé pọ̀ mọ́ra kí wọ́n má tò bíi ti tẹ́lẹ̀, kí o tó bọ́ sí ìkejì. Bo orúkọ ọmọ mọ́lẹ̀.

"A ti pín máàkì sí wẹ́wẹ́ o. Ìyàtọ̀ náà ò lọ."

Èyí ló fojú mi rí màbo. Ìbéèrè kan wà tó ní kí ọmọ ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó ń mú kí àgbàrá gbá erùpẹ̀ lọ, máàkì 12. Wọ́n ti pín in dáadáa: ohun kọ̀ọ̀kan gba 4, ìyẹn 1 fún dídárúkọ rẹ̀, 2 fún àlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, 1 fún àpẹẹrẹ. Ọmọ kan wá kọ pé:

"Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń gé igi. Ìkejì, ilẹ̀ wà láìsí ohun tó bò ó, òjò ń lù ú tààrà. Ìkẹta, kò sí gbòǹgbò tó máa di erùpẹ̀ mú mọ́."

Ẹni àkọ́kọ́ fún un ní 7: ohun mẹ́ta ló rí, 3, ó wá fi àlàyé 2 kún ìkejì, 2 kún ìkẹta. Ẹnì kejì fún un ní 3. Ó ní gígé igi nìkan ni ọmọ náà sọ, àwọn tó kù ń ṣàlàyé rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà!

Mo kọ ọ́ sí i pé "ẹ má ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì". Kò ràn wá lọ́wọ́, torí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an ni èwo ni ohun kan. Mo ní kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Ẹni tóhùn rẹ̀ ròkè jù ló borí, nígbà tí wọ́n sì padà sídìí ìwé, ìyàtọ̀ tún yọjú.

Ohun tó wá ṣẹ́gun rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí mo ní kí wọ́n máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé èyí ń sọ *bí* ohun tó ṣáájú ṣe ń gbá erùpẹ̀ lọ ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àlàyé ni, ì báà ní "ìkejì" níwájú. Lẹ́yìn náà la kọ ọ́ sínú ìlànà pé gígé igi, ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí àti àìsí gbòǹgbò, ohun kan ni wọ́n. Pé kíkọ ebè sí ojú ìdagẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ dá dúró. Pé kí ẹran máa jẹ koríko ibì kan títí ilẹ̀ á fi ṣí dá dúró pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀. A wá lẹ ìdáhùn ọmọ yẹn mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú máàkì 3 àti ìdí rẹ̀. Irú ìwé tó wà lágbedeméjì bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ìlànà. Ẹ fi ìwé ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ jù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jà lórí ìyẹn.

"Ọmọ kọ ohun tó tọ̀nà tí kò sí nínú ìlànà ńkọ́?"

Ẹni tó ń darí ìmáàkì ni kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, kó kọ ọ́ sínú ìlànà gbogbo yín, kí ẹ sì padà sí àwọn ìwé tẹ́ ẹ ti máàkì. Má dá a ṣe.

"A ti máàkì tán ká tó rí i pé ọwọ́ ẹnì kan le jù. Ṣé ká fi 3 kún gbogbo tirẹ̀?"

Rárá o. Kọ́kọ́ mú díẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn kó tún un máàkì láìrí máàkì àkọ́kọ́. Tí tirẹ̀ bá ń lọ sókè nígbà míì, tó ń lọ sílẹ̀ nígbà míì, kò sí àròpọ̀ tó lè wò ó. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ máàkì. Tó bá jẹ́ pé ó ń fi bákan náà relẹ̀ ṣáá, a lè tún un ṣe, àmọ́ ẹni tó mọ ìṣirò ìdánwò ni kí ẹ pè. Fífi 3 kún gbogbo rẹ̀ á fún ẹni tí kò kọ nǹkan kan ní 3, ẹni tó gba 11 nínú 12 á sì di 14.