Òru Mẹ́rin Nítorí Igun Méjì: Bí Mo Ṣe Fa Ìgbànú Agbára Yọ Láti Inú Ẹ̀wọ̀n Atọ́mù

Òru mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo rò pé kò ní gbà ju wákàtí kan lọ, ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ibi tí mo ń wá àṣìṣe sí kò ní àṣìṣe rárá. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi fi hàn bí ọ̀bítà kan ṣoṣo, ìyẹn àyè tí ẹlẹ́kitírónì ń gbà lórí atọ́mù, ṣe ń di ìgbànú agbára, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìpele agbára tí ó sún mọ́ra, nígbà tí a bá to àwọn atọ́mù náà sí ìlà kan. Ìwé tí mo ń kà fi gbólóhùn kan péré sọ bí a ṣe ń ṣe ìpẹ̀kun ẹ̀wọ̀n náà, ó sì kọjá lọ. Gbólóhùn kan yẹn ni ó jẹ òru mi.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ọ̀nà ìdè-ṣinṣin, tí Felix Bloch lò nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1928, gbà pé ẹlẹ́kitírónì so mọ́ atọ́mù rẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n ó lè fò sọ́dọ̀ atọ́mù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Mo pe agbára ọ̀bítà náà ní ε, mo pe ìwọ̀n fífò náà ní t, mo sì pe àlàfo tí ó wà láàárín atọ́mù méjì ní a. Bí ψₙ bá jẹ́ ìwọ̀n ìgbì ẹlẹ́kitírónì lórí atọ́mù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ n, tí E sì jẹ́ agbára ẹlẹ́kitírónì náà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìlà kan yìí:

```
E ψₙ = ε ψₙ − t (ψₙ₋₁ + ψₙ₊₁)
```

Nítorí pé atọ́mù kan kò yàtọ̀ sí òmíràn, a lè dán ìgbì tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu níbi gbogbo wò, èyí tí ó jẹ́ pé igun rẹ̀ nìkan ni ó ń yí bí a ṣe ń lọ láti atọ́mù kan sí èkejì, ìyẹn ψₙ = e^(ikna), níbi tí k jẹ́ nọ́ńbà tí ń sọ bí igun náà ṣe ń yí kánkán tó. Ẹ fi í sínú ìlà òkè yẹn, ẹ pín in, èyí ni yóò sì kù:

```
E(k) = ε − 2t cos(ka)
```

Inú mi dùn gidigidi nígbà tí ó jáde. Bí k bá jẹ́ 0, gbogbo atọ́mù ni ó ní àmì kan náà, agbára sì jẹ́ ε − 2t, èyí tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ ìgbànú. Bí k bá jẹ́ π/a, àmì ń yí padà láti atọ́mù dé atọ́mù, agbára sì jẹ́ ε + 2t, èyí tí ó jẹ́ òkè rẹ̀. Ìpele kan tí ó dá dúró lórí atọ́mù ti fẹ̀ di ìgbànú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4t.

Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà bá mi jẹ́rìí sí i. Mo mú atọ́mù mẹ́fà, mo fi ε sí 0 àti t sí 1, mo sì kọ mátíríìsì tí ε wà ní àárín rẹ̀, ìyẹn lórí ìlà tí ó dábùú láti òkè lósì dé ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún, tí −t sì wà ní ẹ̀gbẹ́ àárín náà lókè àti nísàlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí mo fà yọ, pẹ̀lú k mẹ́fà tí ó pín 2π/a sí ọ̀nà mẹ́fà ọgbọọgba, ìwọ̀n agbára mẹ́fà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ −2, −1, −1, 1, 1 àti 2. Èyí tí kọ̀ǹpútà fún mi ni −1.802, −1.247, −0.445, 0.445, 1.247 àti 1.802. Kò sí ẹyọ kan tí ó bára mu.

Òru méjì àkọ́kọ́ ni mo fi tún ìṣirò náà ṣe, mo ń yẹ àmì wò, mo ń yẹ kọ̀sáìnì wò. Ní òru kẹta mo lo ọ̀nà àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn ni pé àpapọ̀ àwọn ìwọ̀n agbára gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ohun tí ó wà ní àárín mátíríìsì mu. Ó bá a mu, torí pé 0 ni àwọn méjèèjì. Àyẹ̀wò yìí ṣi mí lọ́nà, nítorí pé kò lè rí ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́yìn àárín mátíríìsì.

Ní òru kẹrin ni mo fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí mo sì ro wọ́n pọ̀. Ti òfin mi jẹ́ 12. Ti kọ̀ǹpútà jẹ́ 10. Ìdè kọ̀ọ̀kan láàárín atọ́mù méjì ń fi 2t² kún àpapọ̀ yìí, nítorí náà 12 túmọ̀ sí ìdè mẹ́fà, 10 sì túmọ̀ sí ìdè márùn-ún. Ìdè kan ló sọnù! Atọ́mù mẹ́fà tí ó wà ní ìlà kan ní ìdè márùn-ún, àfi bí a bá so ti ìparí mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n di òrùka. Ohun tí gbólóhùn kan inú ìwé yẹn ń sọ nìyí, igun méjì mátíríìsì náà ni ó sì yẹ kí ó ti hàn:

```python
import numpy as np
N, e, t = 6, 0.0, 1.0
H = e*np.eye(N) - t*(np.eye(N, k=1) + np.eye(N, k=-1))
H[0, -1] = H[-1, 0] = -t
print(np.linalg.eigvalsh(H))
```

Ìlà kẹrin yẹn ni mo fò. Bí mo ṣe fi í sí i, ìwọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ sí àyè wọn.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ báyìí, torí pé ẹ̀wọ̀n tí kò yí po náà kì í ṣe irọ́. Atọ́mù ìpẹ̀kun ní ẹnì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ó dà bí ẹni pé ìgbì náà di 0 lórí atọ́mù kan tí a rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbì tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu níbi gbogbo kò lè di 0 níbì kankan. Ìgbì méjì tí ń lọ ní òdìkejì ara wọn ni yóò para pọ̀ di sin(kna), k tí a gbà láàyè yóò sì di mπ/((N+1)a), dípò 2πm/(Na) ti òrùka, níbi tí N jẹ́ iye atọ́mù, tí m sì jẹ́ 1, 2, títí dé N. Ẹ fi àwọn k wọ̀nyí sínú òfin kan náà, 1.802 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jáde. Òfin E(k) kò yí padà rárá. Àwọn k tí ó yẹ ni ó yàtọ̀. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n agbára tí ó ń jáde ní méjì-méjì, àfi ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, òrùka ni ẹ ní, nítorí pé k àti −k ní agbára kan náà. Bí kò bá sí méjì tí ó dọ́gba, ẹ̀wọ̀n yín ṣí sílẹ̀ ni.

Bí atọ́mù bá ti pọ̀, ìyàtọ̀ náà ń parẹ́ fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀wọ̀n tí ó ṣí sílẹ̀, tí atọ́mù rẹ̀ jẹ́ 100, ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ −1.999t, ọgọ́rùn-ún ìpele sì há mọ́ inú fífẹ̀ tí kò kọjá 4t. Àwọn ìpele tí ó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìgbànú. Iye wọn kò sì ju iye ọ̀bítà tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí pé k àti k + 2π/a jẹ́ ìgbì kan náà lórí àwọn atọ́mù, kò sì yẹ kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, n ó ka ìdè kí n tó ka ohunkóhun mìíràn, n kò sì ní fi atọ́mù méjì dán òrùka wò. Pẹ̀lú atọ́mù méjì, igun mátíríìsì àti ẹ̀gbẹ́ àárín jẹ́ àyè kan náà, nítorí náà kóòdù òkè yẹn yóò fún yín ní ±t nígbà tí òfin ń sọ ±2t. Mẹ́ta náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé iye tí kò ṣeé pín sí méjì kò ní k = π/a, òkè ìgbànú kò sì ní hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin.