Bí Mo Ṣe Gba Àmì Abẹ́ Àlàkẹ́ Padà Nínú Fídíò

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ló ní kí n bá òun ṣe fídíò kékeré kan tí òun yóò máa gbé sórí Wásáàpù. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kámẹ́rà wá dí òun lọ́wọ́ ní ìsọ̀, la bá fẹnu kò sí pé kí n lo ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe fídíò. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: iwájú ìsọ̀, aṣọ tí wọ́n so rọ̀, pátákó tí wọ́n kọ ÀDÌRẸ ÀLÀKẸ́ sí, lógò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. (Mo ti pa orúkọ ìsọ̀ náà dà díẹ̀ o, ṣùgbọ́n oríkì ni orúkọ tòótọ́ náà.)

Mo tẹ àlàyé mi, mo sì kọ orúkọ ìsọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Fídíò àkọ́kọ́ jáde. Aṣọ dára, oòrùn dára, pátákó wá kọ ADIRE ALAKE. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì lábẹ́ E. Ẹni tí kì í ṣe ará Ẹ̀gbá lè ní kí ló burú níbẹ̀. L'Abẹ́òkúta, Aláké ni wọ́n máa kà á sí, ìyẹn kábíyèsí, bí ẹni pé ààfin ló pàtẹ àdìrẹ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan fi E kan lé e, ọ̀kan kọ lẹ́tà tí n kò rí rí láyé mi, ẹ̀kẹta sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kó tó parí, A kan ti di R.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Fídíò náà jẹ́ píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 720 ní ìbú àti 1280 ní gíga. Pátákó gba nǹkan bíi 240 nínú ìbú yẹn. Lẹ́tà 10 àti àlàfo kan ló wà nínú orúkọ náà, nítorí náà lẹ́tà kan kò ju nǹkan bíi píksẹ́lì 20 lọ, àmì abẹ́ Ẹ kò sì ju 3 lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ́lì gan-an. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún àwòrán pọ̀, tí píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní gíga yóò fi di ojú kan ṣoṣo, wọ́n á ṣe iṣẹ́ wọn níbẹ̀, kí wọ́n tó tú u padà. Ohun tí kò ju píksẹ́lì 3 lọ ti rì sínú ojú kan báyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ń tú u, wọ́n á kàn méfò ni. Lẹ́tà ńlá mẹ́ta mẹ́rin tó gba ìdajì férémù, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò, lè móríbọ́. Àmì abẹ́ lórí pátákó tó jìnnà kì í sábà móríbọ́.

Mo wá gbìyànjú kí n fún un ní àwòrán kan tí mo ti kọ orúkọ náà sí dáadáa, kó máa fi í ṣe férémù àkọ́kọ́. Èyí sàn púpọ̀. Nígbà tí kámẹ́rà dúró sójú kan, orúkọ náà dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá jẹ́ irú èyí ni mo fẹ́ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti ṣíwọ́. Àmọ́ mo fẹ́ kí kámẹ́rà máa sún mọ́ ìsọ̀. Nígbà tó sún, àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí. Bí èèyàn bá ń wò ó lọ lásán, kò ní tètè rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ ní férémù kọ̀ọ̀kan: ní férémù 30, àmì abẹ́ ti ń tàn tí ń kú, ní férémù 81 tó kẹ́yìn, kò sí mọ́. Láti ìgbà náà, férémù ìkẹyìn ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ni mo bá ní kí ẹ̀rọ náà fún mi ní pátákó òfìfo, kí n kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Èmi kò pè é ní pátákó ìsọ̀ nínú àlàyé mi, torí tó bá ti gbọ́ ìsọ̀ báyìí, ó máa kọ nǹkan sí i. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí:

```
plain white wooden board with dark brown frame above a cloth stall, slow push in, nobody passes in front
```

Èyí tí mo kọ sí ibi ohun tí n kò fẹ́ rí ni:

```
text, letters, writing, watermark
```

Etí pátákó tó dúdú kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kí Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fídíò ṣe, máa tẹ̀ lé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó náà bó ṣe ń sún, kò sì sí ohun tó lè dì mú lórí funfun lásán. Ibi tí dúdú ti pàdé funfun ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mo gbé fídíò náà sínú Movie Clip Editor, mo fi àmì kan sí igun kọ̀ọ̀kan, mo tẹ Ctrl+T kí Blender máa tẹ̀ lé wọn. Mẹ́ta lọ tààrà. Ẹ̀kẹrin já ní férémù 47, torí aṣọ kan fẹ́ lẹ́lẹ́ kọjá igun náà. Mo fi ọwọ́ dá a padà fún férémù mẹ́fà, ó sì tẹ̀ síwájú. Mo wá yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ Create Plane Track, ni mo bá fa ojú rẹ̀ títí ó fi bá etí pátákó mu.

Inú Inkscape, ètò ìyàwòrán, ni mo ti kọ orúkọ náà. Ibí yìí náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà: Ẹ ni, àmì ohùn sì wá gùn ún lórí. Fọ́ǹtì aláràbarà tí mo kọ́kọ́ yàn gbé àmì náà sọ sí ẹ̀gbẹ́, bíi fìlà tí afẹ́fẹ́ ṣí. Mo padà sí Noto Sans, mo tẹ Object to Path kí àwòrán rẹ̀ má lè yí padà mọ́, mo sì gbé e jáde ní PNG tí kò ní ẹ̀yìn.

Nínú Compositor ti Blender, Plane Track Deform ló tẹ́ PNG náà sórí pátákó, Alpha Over ló sì so ó mọ́ fídíò. Ó kọ́kọ́ dà bíi sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Mo yí dúdú rẹ̀ sí àwọ̀ ẹlú, mo dín agbára Alpha Over sí 0.9 kí òjìji tó wà lórí pátákó lè hàn, mo sì fi Blur píksẹ́lì kan sí i, torí kò sí ohun mìíràn nínú fídíò náà tí etí rẹ̀ mú tó báyẹn. Ó wọlé. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó kù jẹ́ tèmi: férémù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá ni fídíò náà, mo fi Blender sí 24, ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún bá sáré parí láàárín mẹ́ta àti díẹ̀.

Lógò àti nọ́ńbà kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà rárá. Igbá aró ni lógò ìyá náà, tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ló ń yà á, igbá náà á máa yí padà bí fídíò ṣe ń lọ. Ti nọ́ńbà burú jù: bí 3 bá di 8, fóònù ẹlòmíì ni oníbàárà máa pè. Mo kó méjèèjì sínú PNG kan, mo sì lo ffmpeg, ètò tí èèyàn ń tẹ òfin fún, láti fi í lé orí fídíò láti ìṣẹ́jú àáyá kejì dé òpin:

```
ffmpeg -i patako.mp4 -i nonba.png -filter_complex "[0:v][1:v]overlay=(W-w)/2:H*0.62:enable='gte(t,2)'" -c:a copy jade.mp4
```

N kò gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ibẹ̀ ni ibi ìfèsì máa ń bò lórí Wásáàpù. Mo fi ránṣẹ́ sí ara mi ná, mo kà á lórí fóònù kékeré tí ojú rẹ̀ ti sán, kí n tó mú un lọ sí Ìtòkú.

Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka pátákó sókè, "Àdìrẹ Àlàkẹ́," wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fi ìka bo nọ́ńbà náà.

"Ọmọ mi, láìnì mi àtijọ́ nìyí. Mi ò lò ó mọ́ láti ọdún tó kọjá."

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ pe tuntun fún mi."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí àpótí aṣọ wọn, mo yí PNG, mo tún òfin ffmpeg kan náà tẹ̀. Oníbàárà tó ń ná ìró lọ́wọ́ wọn kò tíì sanwó tán tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn.