Orúkọ kan fún òǹkọ̀wé kan nínú Zotero

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ tíísìsì ní Ifẹ̀. Bí ẹ bá ń lo APA, tí “(W. Abimbola, 1976)” ṣàdédé yọjú dípò “(Abimbola, 1976)”, ẹ má fọwọ́ pa W náà rẹ́. Zotero rò pé ènìyàn méjì ni wọ́n: ìwé 1975 wọlé bíi “Abimbola, Wande”, ti 1976 bíi “Abimbola, W.”. Ẹ wá orúkọ náà jáde nínú Zotero, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bákan náà, kí ẹ tó tẹ Refresh nínú Word. Àmì ohùn ńkọ́? Abímbọ́lá àti Abimbola, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ, ẹ mú ọ̀kan. Ẹni tó ti fọwọ́ pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀, bí Zotero bá bi yín bóyá kó fi àtúnṣe yín sílẹ̀, ẹ tẹ No.