Síkáànì Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí Ọmọ Bá Fi Orí Gbá Lórí Pápá

Iṣẹ́ mi ni láti dúró pẹ̀lú àpò ìtọ́jú ní ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ títí dé Pánṣẹ́kẹ́. Àwọn òbí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun a máa ná owó sí ibi tí kò yẹ lórí ọ̀rọ̀ kí ọpọlọ ọmọ mì nínú agbárí, ó sì ti sú mi.

Àkọ́kọ́: ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dákú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ wọn mì kò dákú rárá.

Èkejì: ẹ má bi í pé, "Ṣé ara rẹ le?" Kò sí ọmọ tí kò ní dáhùn pé ó le, nítorí pé kò fẹ́ kúrò lórí pápá. Ẹ bi í pé: pápá wo ni a wà yìí? Ìdajì wo ni a ń gbá? Ta ni ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kẹ́yìn? Ẹgbẹ́ wo ni ẹ bá gbá kẹ́yìn, ṣé ẹ sì borí? Bí ó bá ṣi ọ̀kan, kí ó jáde. Bí ó bá sì gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ó ń pẹ́ kí ó tó fèsì, kí ó jáde náà, kò sì gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta: omi tútù tí ẹ ń dà sí i lórí kò wo nǹkan kan. Fìlà onífóòmù tí wọ́n ń tà fún yín kò dí ọpọlọ lọ́wọ́ láti mì.

Nísinsìnyí, síkáànì, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Aṣọ́lé kan wà, ọmọ ọdún 14, tí orúnkún akẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní ẹ̀bátí. Ó dìde kíá, ó gbọn eruku nù, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti gbá a, ó wá dúró tì í, ó ń wò ó. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi mí pé ta ni ó jẹ góòlù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ góòlù kankan. Mo mú un jáde, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sì bínú sí mi. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ gbé àpò ìwé ńlá kan tí èsì síkáànì wà nínú rẹ̀ wá: "Ẹ wò ó, Fisiọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé." Owó tí wọ́n ná sí i tó ra bàtà fún ìdajì ẹgbẹ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Síkáànì ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà àti egungun tí ó fọ́. Ọpọlọ tí ó mì kì í sábà hàn nínú rẹ̀, nítorí pé bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó dàrú. Nítorí náà, "kò sí nǹkan kan" kò túmọ̀ sí pé ọmọ ti yá. Bí ó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí oorun tàbí ẹ̀fọ́rí ń le sí i, tí ó ń rí nǹkan méjì-méjì, tí ọrùn ń dùn ún tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, dókítà ni yóò sì sọ bí síkáànì bá yẹ. Bí wọ́n bá tún gbá orí tí kò tíì yá, ọpọlọ ọ̀dọ́ lè wú débi ikú.

Ohun tí a ṣe fún ọmọ náà kò gba owó púpọ̀, sùúrù ni ó gbà. Ó sinmi ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, a sì dín fóònù rẹ̀ kù. Ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ padà sí, ìdajì ọjọ́ ni, nítorí pé ẹ̀fọ́rí ń mú un bí ó bá ti ń wo pátákó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kánkán, ó sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wá ń fi ẹsẹ̀ dárà láìfò lulẹ̀. Ó kéré tán, wákàtí 24 ni a ń lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí a mú eré náà le, ẹ̀fọ́rí padà wá, a dá a dúró, a sì dá a padà sí ìpele tí ó ṣáájú lọ́jọ́ kejì. Ó ní láti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo àmì kí ó tó bá àwọn yòókù ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìfarakanra, dókítà sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọlù ú.

Ìlànà tí wọ́n ń lò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìdíje kò gbọdọ̀ wáyé kí ó tó di ọjọ́ 21, àti pé ọjọ́ 14 ni ọmọ ní láti fi wà láìní àmì kankan kí ó tó padà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ìfarakanra. Ọmọ tiwa kọjá ọjọ́ 21 náà dáadáa. Bàbá rẹ̀ bi mí bóyá a lè dá owó síkáànì padà fún òun.

Bí ẹ̀fọ́rí bá ń yọ ọmọ lẹ́nu ní alẹ́ àkọ́kọ́, parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ìbúpúrófẹ̀ẹ̀nì tàbí ásípírìn tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.