Nítorí “ìwọ” àti “ẹ̀yin”, mo tẹ ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì

₦18,000 ni mo fi tẹ ìwé pélébé 200 fún ètò àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún san iye kan náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n sọ ẹsẹ mẹ́wàá nínú Bíbélì Ọba Jémíìsì ti 1611 di Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò le. *Betwixt* inú Fílípì 1:23, “láàrin” ni, ó tán. *Wherefore* ló fẹ́ tàn mí, torí ó jọ “níbo” létí. “Kí ló dé” ni. Ní Mátíù 14:31, Jésù ò bi Pétérù pé níbo ló ti ṣiyèméjì. Ìdí tó fi ṣiyèméjì ló ń bi í. Ní Mátíù 7:20 ẹ̀wẹ̀, kò sí ìbéèrè, ó wá di “nítorí náà”. N kò ṣi ọ̀kankan nínú wọn, inú mi sì dùn.

*Thou* ni mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni nítorí òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ di *you*, mo gbé e lọ tẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí, ìwé náà lọ́wọ́ wọn, Lúùkù 22:31 ni wọ́n ṣí sí.

“Ọmọ mi, ta ni Sátánì ń bèèrè níbí?”

“Pétérù ni, mà.”

“Pétérù nìkan kọ́. Lọ tún un kà.”

Òru mẹ́ta ni mo fi tún un kà. Nínú Bíbélì yẹn, *thou* ni “ìwọ”, *thee* ni “ọ”. *Ye* ni “ẹ̀yin”, *you* sì ni “yín”. Kò sí ẹ̀yin ọ̀wọ̀ níbẹ̀ rárá: ọba àti Ọlọ́run pàápàá, “ìwọ” ni, bí àwa náà ṣe ń pe Olúwa nínú àdúrà. Símónì ni Jésù dárúkọ ní ẹsẹ 31, àmọ́ “yín” ló tẹ̀ lé e: gbogbo àpọ́sítélì ni Sátánì fẹ́ kù bí àlìkámà. Ní ẹsẹ 32 ló tó di “ọ”: Pétérù nìkan ni Jésù gbàdúrà fún, kí ó lè fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun. Èmi ti da méjèèjì pọ̀! Mo ní láti fi “gbogbo yín” sí ti àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì fi orúkọ Símónì kún ìkejì.

Ká ní mo ti kọ́kọ́ kọ ìwọ, ọ, ẹ̀yin tàbí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni, owó kejì ì bá má jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé òfin yìí lọ sínú eré orí ìtàgé ayé ìgbà náà o. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fi *you* bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹ̀yin tiwa gẹ́lẹ́.