Bí a ṣe ń gba eyín ọmọ lọ́wọ́ ìgò òru

Ọ̀pọ̀ ìyá kì í fún ọmọ ọdún kan ní súìtì, torí wọ́n mọ̀ pé súìtì ń ba eyín jẹ́. Síbẹ̀, kí ọmọ ọ̀hún tó pé ọdún méjì, eyín iwájú rẹ̀ ti ń dúdú, ó ti ń jẹrà. Ìgò ọmọ ló sábà máa ń fà á: ẹ̀kọ mímu tó ní ṣúgà, mílíìkì tàbí kòkó, tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kó lè sùn, tó sì sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ eyín náà wò. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ tẹ́ ọmọ sórí itan yín kó máa wo ojú yín, kí ẹ wá fi ìka gbé ètè òkè rẹ̀ sókè. Ibi tí eyín iwájú òkè ti pàdé erìgì lẹ fẹ́ wò. Eyín tó dáa máa ń dán. Bí ẹ bá rí ìlà funfun bí ẹfun níbẹ̀, tí kò dán bí ara eyín yòókù, ẹ fi aṣọ mímọ́ tútù nù ún. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn, á kúrò. Tí kò bá kúrò, eyín ti ń jẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé dá dúró, ìlà náà tilẹ̀ tún lè le padà. Ìgbà tó bá ti pọ́n bí ìdọ̀tí tíì, tí etí eyín sì ti ń rún, ó ti di ihò, àfi dókítà eléyín. Ẹ máa wò ó báyìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kí eyín ìsàlẹ̀ tó funfun má tàn yín jẹ. Bí ọmọ bá ń mu ìgò, ahọ́n rẹ̀ máa ń bo eyín iwájú ìsàlẹ̀, itọ́ tó ń sun lábẹ́ ahọ́n sì ń ṣàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ti òkè fi ń jẹ tí ti ìsàlẹ̀ wà gedegbe.

Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí wà lẹ́nu gbogbo wa. Bí ṣúgà bá dé ẹnu, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì yọ omi kíkan jáde, omi kíkan yìí ló ń fa agbára inú eyín jáde. Lójú mọmọ, itọ́ máa ń fọ omi kíkan náà dànù, á sì dá díẹ̀ nínú agbára eyín padà. Bí ọmọ bá sùn, itọ́ á dín kù gan-an, kò sì ní máa gbé nǹkan mì bíi tọ̀sán, nítorí náà ẹ̀kọ tàbí mílíìkì tó kù lẹ́nu á dúró sára eyín fún wákàtí púpọ̀. Èèpo eyín ọmọdé fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, torí náà kì í pẹ́ kí ìlà funfun tó di ihò. Ẹnu àwa àgbà lọmọ sì ti sábà ń kó àwọn kòkòrò yìí: a fi ṣíbí tọ́ ẹ̀kọ wò, a tún fi ṣíbí kan náà bọ́ ọ. Ẹ lo ṣíbí tiyín lọ́tọ̀.

Ọmú ìyá ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní kí a máa fún ọmọ lọ́mú títí yóò fi pé ọdún méjì, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì torí eyín já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lé lọ́dún kan, tó ti jẹun lálẹ́ tí a kò fọ eyín rẹ̀, tó wá fi ọmú sẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́, eyín tirẹ̀ náà lè jẹ. Ẹ fọ eyín rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bó bá sì ti sùn, kí ẹ rọra yọ ọmú kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá ku bí a ó ṣe gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ. Ká ní ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ kan ń mu ẹ̀kọ oníṣúgà 240 ml lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó tún ń mu òmíràn ní aago méjì òru. Ẹ kọ́kọ́ sún oúnjẹ náà síwájú. Ní aago méje, ẹ fi ṣíbí tàbí kọ́ọ̀bù fún un ní ẹ̀kọ tó ki, tí a lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ sí tàbí tí a fi mílíìkì sí dípò ṣúgà, tàbí kó jẹ ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, kó yó. Ní aago mẹ́jọ, ẹ fọ eyín rẹ̀. Bó bá ṣì ń béèrè ìgò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un, ṣùgbọ́n láìsí ṣúgà mọ́. Ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ po ẹ̀kọ 180 ml mọ́ omi 60 ml. Ní alẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 120 ml mọ́ 120 ml. Ní alẹ́ mẹ́ta mìíràn, ẹ̀kọ 60 ml mọ́ omi 180 ml. Láti alẹ́ kẹwàá, omi mímọ́ nìkan. Bí ẹ ti ń ṣe ti aago mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ti òru. Lẹ́yìn náà, kó máa fi kọ́ọ̀bù mu omi, kí ìgò kúrò nílé pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ti lé lọ́dún kan, tó ń jẹun dáadáa lọ́sàn-án, nìkan la ń ṣe èyí fún. Ẹ má po omi mọ́ mílíìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ebi ni yóò pa á. Bí ọmọ bá rù, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ọmọ á sunkún ní alẹ́ bíi mélòó kan. Nítorí náà, ẹ ti bá Màmá àgbà àti ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí bí ẹnì kan bá gbé ìgò fún un ní aago méjì òru nítorí àánú, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ọṣẹ ìfọyín náà ní fúlóráìdì, kí ẹ rí 1000 ppm ó kéré tán lára rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan péré ti tó. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Ẹ̀yin ni kí ẹ fọ̀ ọ́, torí ọwọ́ ọmọ kò tíì gbọ́n. Bí ọmọ bá ń mu oògùn ikọ́ olómi, ẹ fún un ṣáájú ìfọyín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣúgà.

Lọ́sàn-án, iye ìgbà tí ṣúgà ń dé ẹnu ṣe pàtàkì ju bó ti pọ̀ tó lọ. Ọmọ tó ń fa júùsì, mọ́ọ̀tì tàbí sóbò oníṣúgà díẹ̀díẹ̀ káàkiri ilé látàárọ̀, omi kíkan kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má mu wọ́n rárá. Èyí tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mu ún nídìí oúnjẹ, kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa mu omi láàárín.

Àwọn kan á ní eyín ọmọdé ń bọ̀ wá yọ dànù. Lóòótọ́ ni ti iwájú máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn tó fi ń jẹ ẹran ń dúró títí di ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Nítorí náà, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín kó tó pé ọdún kan, tàbí kíákíá tí ẹ bá ti rí ìlà funfun náà. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ibi ìtọ́jú eyín ọmọdé. Wọ́n lè fi fúlóráìdì kun eyín náà, tàbí kí wọ́n fi oògùn kan dá ihò dúró láìgbẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ihò náà á dúdú. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara ọmọ sì gbóná, ẹ gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.